Ó ti ṣu omi lẹ́ẹ̀mẹjọ láti agogo mẹ́ta òru: ṣé onígbáméjì ni?

Ìyá Dámi, 5:48 ìdájí (Èkó, Okúdù 2024)
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti jí kó dá mi lóhùn. Àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ń ṣu láti nǹkan bí agogo mẹ́ta òru. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo kà. Omi lásán ni, kò sí ìgbẹ́ níbẹ̀ mọ́, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mẹta. Ara rẹ̀ kò gbóná, inú kò sì run ún. Wọ́n gbé ẹnì kan lójúlé kejì lọ sílé ìwòsàn lánàá. Ṣé onígbáméjì ni, àbí oúnjẹ ló bà á nínú jẹ́? Kí ni kí n ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́ tán?

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 5:55
Ìyá Dámi, ẹ má dúró de orúkọ àìsàn. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ORS, èròjà inú àpò tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu, bá wà nílé tàbí ní kẹ́mísì tó sún mọ́ yín, ẹ kan ilẹ̀kùn wọn báyìí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò náà: èyí tó pọ̀ jù nígboro, lítà omi kan ni wọ́n ń da àpò kan sí. Omi inú ọ̀rá méjì ni lítà kan bí wọ́n bá kọ 50cl sára ọ̀rá. Bí ó bá jẹ́ 60cl ni wọ́n kọ, ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú ìkejì. Ẹ má pín àpò ORS sí méjì, ẹ má sì fi ṣúgà kún un.

Bí ẹ bá ti ń pò ó, ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́rin. Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn? Ṣé ojú rẹ̀ ti jìn wọnú? Bí ẹ bá gbé omi síwájú rẹ̀, ṣé ó ń mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń pa, àbí kò tilẹ̀ lè gbé orí sókè? Ìkẹrin, ẹ fi ìka méjì fún awọ ikùn rẹ̀ pọ̀ kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Ṣé ó padà lójú ẹsẹ̀, àbí ó dúró ṣóńṣó fún ìgbà díẹ̀?

Àdùkẹ́ Aláṣọ, 6:01
Irú ẹ̀ ṣe ọmọ mi ọkùnrin lọ́dún tó kọjá. Ó ń ṣu, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, inú ń lọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Fílájìlì ni wọ́n fún un ní kẹ́mísì, ó sì dá. Ìyá Dámi, ẹ ra Fílájìlì fún un, kí ẹ sì wá oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Ẹ má fún un lómi púpọ̀, torí bó bá ṣe ń mu ún náà ni yóò máa ṣu ún.

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 6:06
Àdùkẹ́, inú mi dùn pé ara ọmọ yín yá, ṣùgbọ́n àìsàn tiyín yàtọ̀ sí èyí. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, inú rírun àti ara gbígbóná, ìyẹn a máa bọ́ sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ tún ohun tí Ìyá Dámi kọ kà: kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ibà, inú kò run ún, ìgbẹ́ ti di omi ìrẹsì, ó sì ti ṣu ún lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín wákàtí mẹ́ta. Èyí tó yá kánkán tí kò sì dunni ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹni tí inú ń run yóò ké, wọn yóò sì tètè gbé e lọ. Ẹni tí onígbáméjì mú lè jókòó jẹ́ẹ́ kí omi ara rẹ̀ máa lọ, àwọn ará ilé á rò pé ó rọ̀ ọ́ díẹ̀.

Ẹ má fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Kò pa kòkòrò náà, inú ìfun ló ń ti omi mọ́. Fílájìlì náà kò ran kòkòrò yìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn, 6:11
Ẹ jẹ́ kí n dá Àǹtí Àdùkẹ́ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ omi, torí èrò yẹn ló ń pa ènìyàn jù. Lóòótọ́ ni pé bí wọ́n bá fún un ní omi lásán, púpọ̀ nínú rẹ̀ á jáde. Májèlé tí kòkòrò kọ́lẹ́rà, ìyẹn onígbáméjì, ń tú sílẹ̀ ló ń mú kí ìfun máa da omi àti iyọ̀ síta. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣì wà lára ìfun tí májèlé náà kò lè dí: ibi tí ṣúgà àti iyọ̀ ń gbà wọlé pọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú omi ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á fa omi náà tẹ̀lé ara wọn wọnú ẹ̀jẹ̀. Yóò ṣì máa ṣu, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Èyí tó ń wọlé ni kó pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ.

Ọdún 1971 ni wọ́n rí i gbangba. Dókítà Dilip Mahalanabis wà ní Bangaon, ní ààlà ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn tó sá kúrò nínú ogun tó bí Bangladéṣì kún sí. Omi dírípù tán. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà gúlúkóòsì àti sódà ìyan búrẹ́dì sínú omi, kí àwọn ẹbí sì máa fún aláìsàn mu. Tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 ló ń kú níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ wọn kò tó 4.

Bàbá Ẹlẹ́ja, 6:19
Ọdún 1971 yẹn náà ni tiwa. Ìparí ọdún 1970 ló dé Nàìjíríà, ọmọdé ni mí nígbà náà. Orúkọ tí àwọn àgbà fún un, onígbáméjì, ohun tí ojú wọn rí ni: igbá kan níwájú fún èébì, igbá kan lẹ́yìn fún ìgbẹ́. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lálẹ́ lè má sí lówùúrọ̀.

Ìyá Dámi ọmọ mi, bí o kò bá rí ORS, rédíò kọ́ wa láyé ọjọ́sí: omi ìgò bíà kan, kóró ṣúgà márùn-ún, ṣíbí iyọ̀ kan. Fi kún un pé kó mu omidùn. Omidùn ń mú inú dì.

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 6:27
Bàbá, ẹ ṣeun. Èyí tí rédíò sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ṣíbí ìgbà yẹn kéré. Mílílítà mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣírò ṣíbí náà, ti òde òní máa ń gba márùn-ún. Bí ẹ bá fi ṣíbí tí à ń lò nílé báyìí bu iyọ̀ sínú ìgò bíà kan, iyọ̀ á pọ̀ jù, ó sì lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká gba èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń sọ: omi lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ́ orí ṣíbí náà dọ́gba kó má yọ gọ̀ǹgọ̀. Kí ẹ tó fún un, ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ pò ó lákọ̀tun. Èyí tí kò bá tán láàárín wákàtí 24, ẹ dà á nù pẹ̀lú.

Bí ORS bá dé, ẹ fi ORS rọ́pò rẹ̀, nítorí potásíọ̀mù wà nínú ORS. Òun ló ń bọ́ lára aláìsàn, tí pajápajá fi ń mú un lẹ́sẹ̀. Ti iyọ̀ àti ṣúgà nìkan kò ní in.

Omidùn nìkan ni n kò fara mọ́. Bí wọ́n bá fi omi tí kòkòrò ti wà ṣe ògì náà, kò sí iná tó kàn án kó tó wọ ẹnu aláìsàn. Ògì tí wọ́n sè, tí ó ṣàn, kò burú rárá. Ó lè mu ún bí èébì bá ti fà sẹ́yìn.

Ìyá Dámi, 6:33
Ẹ ṣeun o. Mo ti kan ilẹ̀kùn kẹ́mísì, wọ́n ta àpò ORS márùn-ún fún mi. Ojú rẹ̀ ti jìn, lóòótọ́. Àná lálẹ́ ló tọ̀ kẹ́yìn. Awọ ikùn rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, n kò lè kà dé méjì. Ó ń mu omi bí ẹni pé kò tíì mu ún rí, ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ ti há. Ọwọ́ rẹ̀ hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó ti ń fọ aṣọ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo kọ́ọ̀pù kìíní ló bì padà.

Ọ̀nà wa kò ní ọkọ̀ títí di agogo méje. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 6:40
Ẹ̀yin náà ti rí i. Ohun tí ẹ kọ yìí, mo máa kà á sí onígbáméjì títí àyẹ̀wò yóò fi sọ ohun mìíràn. Omi ara rẹ̀ ti dín kù púpọ̀, àmọ́ ó ṣì ń mu. Àkókò tí ORS ṣì lè gbà á nìyí.

Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn èébì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má fún un ní kọ́ọ̀pù kún, ṣíbí kan láàárín ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá dúró ní inú rẹ̀, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí: ìwọ̀n tó ti pàdánù bẹ́ẹ̀ yẹn, mílílítà 75 fún kílò kan, láàárín wákàtí mẹ́rin. Ẹ ní ó tó kílò mélòó?

Ìyá Dámi, 6:42
Ó wọn ọgọ́ta kílò nígbà tó ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 6:46
Lítà mẹ́rin àbọ̀ nìyẹn. Omi ọ̀rá mẹ́sàn-án tó jẹ́ 50cl, láàárín wákàtí mẹ́rin. Ó dà bí ohun tó pọ̀ jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀pù kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ fi aago sí i. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá tún ṣu, ẹ fún un ní kọ́ọ̀pù kan sí i lórí ìyẹn. Ẹ fi abọ́ kan wọ̀n ohun tó ń jáde, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé. Ẹni tó bá gbà á nílé ìwòsàn yóò béèrè.

Ẹ má jẹ́ kí ó dúró nílé ju ìgbà tí ọkọ̀ bá dé lọ. Ẹ máa fún un mu nínú ọkọ̀. Bí mo bá gbọ́ pé ó ti ń sùn tí ẹ kò lè jí i, tàbí kò lè mu mọ́, tàbí awọ náà dúró títí ẹ fi kà kọjá méjì, tàbí ẹ fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ kò gbọ́ pé iṣan ń lù, ẹ má bá ORS jìjàkadì mọ́. Ẹ gbé e bó ti lè rí, ìyẹn ń fẹ́ omi inú iṣan ní ìṣẹ́jú, kì í ṣe ní wákàtí. Ẹ lè pe 767 tàbí 112 láti Èkó, kí ẹ sọ fún wọn pé ìgbẹ́ omi ni, kí wọ́n má bàa fi yín dúró síbi àwọn alárùn ibà.

Wolé-wolé Àná, 6:58
Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ iṣẹ́ yìí ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì gba ara aláìsàn, ẹ jẹ́ kí n gba ti pẹ́ẹ̀lì. Ìgbẹ́ yẹn kún fún kòkòrò. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì ṣan pẹ́ẹ̀lì náà létí kànga. Ẹ da búlíìṣì sínú rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó dà á sínú ṣáláńgá. Ibi tó ta sí lórí ilẹ̀, ẹ fi búlíìṣì àti omi nù ún: bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ìgò, búlíìṣì kọ́ọ̀pù kan sí omi kọ́ọ̀pù mẹ́fà. Ọṣẹ àti omi ni ti ọwọ́ yín, kí ẹ tó po ORS, kí ẹ tó fún ọmọ lóúnjẹ.

Kí ni ó jẹ tàbí mu láàárín ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn? Mo rí i pé ìjọba ti dárúkọ Etí-Ọ̀sà, Erékùṣù Èkó, Ìkòròdú àti Kòsọ́fẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan omi òfíò tí wọ́n ń tà láìní ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Ìyá Dámi, 7:04
Omi òfíò ló mu lánàá ní ọ̀nà ibi iṣẹ́! Mo ti mọ̀! Ọkọ̀ ti dé, a ń lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn, 7:10
Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun. Láti wákàtí díẹ̀ títí di ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí ènìyàn bá gbé kòkòrò náà mì ni àìsàn náà máa ń farahàn, nítorí náà ohun tó mu lọ́jọ́ Àìkú náà ò tíì bọ́. Bí ará ojúlé kejì tí wọ́n gbé lánàá kò bá mu òfíò, ẹ wo omi tí ilé méjèèjì jọ ń fà.

Wolé-wolé Àná, 7:15
Ìbéèrè tí mo fẹ́ béèrè gan-an nìyẹn. Kànga tàbí ẹ̀rọ omi tó sún mọ́ kòtò ìgbẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Bí ó bá jẹ́ omi ni, ẹlòmíì máa ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá Dámi, 10:52
A dé ibẹ̀ 7:50. Ó mu àpò ORS kan àti ààbọ̀ kí a tó dé, ó bì lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọkọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn kan tí wọ́n gé ihò sí láàárín, tí wọ́n bo pẹ̀lú rọ́bà. Pẹ́ẹ̀lì kan wà lábẹ́ ihò náà, ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin ni mo rántí. Igbá méjì.

Wọ́n fi ìlà sí ara pẹ́ẹ̀lì náà láti mọ iye. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ gba ìwé mi, ó ní iṣẹ́ ti rọrùn. Wọn kò tíì fún un ní dírípù. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó bá ń mu tí iṣan ń lù dáadáa, ORS ni wọ́n máa fi lọ, wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Wọ́n gba ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kò tíì dé.

Wọ́n ní kó gbé dọ́sísáíkìlìn kan ṣoṣo mì. Ọkọ mi ní kí gbogbo wa nílé náà gbé e mì.

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 11:05
Inú mi dùn sí ìwé yẹn. Oògùn náà, aláìsàn ni kó gbà á, lọ́wọ́ ẹni tó rí i. Èmi kò fara mọ́ kí gbogbo ilé gbé e mì láìsí ìmọ̀ràn ibùdó: ọmọdé wà nílé, kò sì ní dá omi tí ẹ ń mu dúró láti máa kó yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn, 11:12
Mo bá yín dé ibì kan, Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa ń sọ pé wọ́n máa ń fún àwọn tó jọ ń gbé nínú ilé kan náà bí ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti àìsàn bá pinnu rẹ̀. Kì í ṣe kí ọkọ lọ rà á ní kẹ́mísì. Lórí ti ìpinnu ẹgbẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Aláṣọ, 11:30
Nọ́ọ̀sì, ẹ dárí jì mí. Mo ti ń sọ ohun tí mo sọ yẹn fún àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Ṣé omi àgbọn dára? Ó wà lójú ọ̀nà wa, àpò ORS sì ti tán.

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 11:41
Potásíọ̀mù wà nínú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ kéré sí ohun tí aláìsàn ń pàdánù. Kí ó máa mu ún bí ORS kò bá tíì dé, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ òun ṣúgà tì í. Kí ó má jẹ́ òun nìkan. Mínírà inú ìgò, rárá: ṣúgà ibẹ̀ pọ̀ jù, ó ń fa omi kúrò nínú ara wá sínú ìfun.

Ìyá Dámi, 4:20 ìrọ̀lẹ́
Ó tọ̀ ní agogo méjì. Ó pupa díẹ̀, ó sì kéré, ṣùgbọ́n mo kígbe. Ohùn rẹ̀ ti ń padà. Ìgbẹ́ ṣì ń lọ, kò yára bí ti òru mọ́. Àyẹ̀wò kò tíì dé. Mo béèrè lọ́wọ́ ará ojúlé kejì, wọ́n ní bàbá náà kò mu òfíò rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo la jọ ń fà.

Wolé-wolé Àná, 4:27
Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn tì. Ẹ sọ fún onílé lónìí, kí ẹ pe ẹ̀ka ètò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n wá gba omi náà. Títí wọn yóò fi dé, kí gbogbo ilé máa se omi mímu kó hó gan-an, kí wọ́n sì gbé e sínú ohun èlò tó ní ìdérí, tí wọn kì í ti ọwọ́ bọ̀.

Ìyá Dámi, 8:46 alẹ́
Mo ti padà sílé. Dámi, ọmọ ọdún kan àbọ̀, ṣu omi lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó ń ṣeré, ó ń mu ọmú. Ẹ̀rù ń bà mí.

Nọ́ọ̀sì Abúlé, 8:50
Ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ má dá a dúró. Ẹ po ORS, kí ẹ fi ṣíbí fún un ní mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣu, ìyẹn kò tó ààbọ̀ kọ́ọ̀pù. Tábúlẹ́ẹ̀tì síńkì wà ní kẹ́mísì: mílígíráàmù 20 lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Nínú ilé tí ẹnì kan ti ní in, mi ò ní dúró títí di àárọ̀: bó bá tún ṣu omi lóru yìí, ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ gbé bọ̀ọ̀dá rẹ̀ lọ. Ẹ fi fóònù sí tòsí yín, mo wà lójúfò.